Ìdí tí àdán fi ń dorí kodò, tí wọ́n sì ń fún mọ́ra wọn

*Ẹ jọ̀wọ́, àwọn àgbà máa ń sọ pé "Àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ." Mo mọ ìlò òwe náà, ṣùgbọ́n kí ló dé gan-an tí àdán fi ń dorí kodò sùn, tí gbogbo wọn sì máa ń fún mọ́ra wọn gádígádí lójú kan?*

Ẹni tó dákẹ́, tó ń wo ohun tí àwọn ẹlòmíì ń ṣe, ni wọ́n ń pa òwe yẹn fún, ó sì bá àdán mu, nítorí kì í sùn fọnfọn lọ́sàn-án. Ẹ lọ sábẹ́ igi tí wọ́n ń wọ̀ sí nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ ó gbọ́ ariwo wọn kí ẹ tó rí wọn. Àwọn kan ń nu ara, àwọn kan ń jà du àyè. Àdán ńlá yìí, tí irun ọrùn rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, tó ń jẹ èso, ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Òòbẹ̀ inú àjà ilé yóò tẹ̀lé e.

Ẹsẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìka márùn-ún ló wà lẹ́sẹ̀ àdán kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ní èékánná tó tẹ̀ wá sínú. Iṣan líle tó ń ká àwọn ìka náà wà nínú àpò tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ara iṣan yìí rí gbágungbàgun, inú àpò rẹ̀ sì ní ìlà-ìlà. Bí àdán bá fi èékánná kọ́ ẹ̀ka igi, tó sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, ìwúwo rẹ̀ á fa iṣan náà, ara gbágungbàgun yẹn á há sáàárín àwọn ìlà, ìka á sì tì pa. Ẹ wo okùn oníke tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń di wáyà pọ̀: bí ẹ ṣe ń fà á ló ń há sí i. Nítorí náà, àdán tó rọ̀ kò ná agbára kankan láti di ẹ̀ka mú. Ìgbà tó bá fẹ́ kúrò ló tó ṣiṣẹ́: á gbé ara rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ìwúwo lè kúrò lórí iṣan, á wá na ìka. Ìdí rèé tí àdán tó kú sórí igi fi lè rọ̀ síbẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi gbẹ. Kò sí èèdì kankan níbẹ̀.

Ẹ lè ní kí ló dé tí kò kúkú jókòó bí ẹyẹ. Kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi ṣe é ni. Ẹyẹ máa ń fi ẹsẹ̀ ta ara rẹ̀ sókè kó tó na ìyẹ́. Ẹsẹ̀ àdán tẹ́ẹ́rẹ́, awọ ìyẹ́ sì lẹ̀ mọ́ ọn, orúnkún rẹ̀ sì kọjú sẹ́yìn. Ó fúyẹ́ fún fífò, ṣùgbọ́n kò lè gbé àdán ńlá nílẹ̀ kó fi ta sókè. Bó bá rọ̀ sókè, kò nílò ju kó tú ìka, kó jábọ́, kó na ìyẹ́ bó ṣe ń já bọ̀. Ibi jíjábọ́ yẹn ni eré tó fi ń fò ti wá. Ẹ̀yà àdán kan wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà, èyí tó ń mu ẹ̀jẹ̀, tó ń rìn tó sì ń fò sókè láti ilẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni irú rẹ̀. Àdán tiwa tó bá já sílẹ̀, ńṣe ló máa ń rá lọ sídìí igi, á fi èékánná àtàǹpàkò gùn ún kó tó lè fò.

Ẹ̀jẹ̀ kì í ya wọ orí rẹ̀ bíi ti ènìyàn. Ara rẹ̀ kéré. Àdán ńlá kò sábà ju 350 gíráàmù lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 76 bó bá nà wọ́n. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń bá sọ̀ kalẹ̀ nínú irú ara bẹ́ẹ̀ kò jìn. Ọdún 1852 sì ni dókítà ará Ìlú Ọba kan, Wharton Jones, ti rí i pé iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ìyẹ́ àdán ń fún ara rẹ̀, ó ń tú, fúnra rẹ̀, ó sì ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Nǹkan kan ṣoṣo ni ìdorí-kodò kò bá lára mu, ìyẹn ìtọ̀ àti ìgbẹ́. Ẹ wo àdán tó fẹ́ tọ̀: á fi èékánná àtàǹpàkò méjèèjì di ẹ̀ka mú, á tú ẹsẹ̀ sílẹ̀, orí á wá sókè. Bó bá ṣe tán, á padà dorí kodò.

Ní ti fífún mọ́ra, ohun kan ṣoṣo kọ́ ló fà á. Ìyẹ́ àdán jẹ́ awọ fífẹ̀ tí irun kò bò, ooru àti omi ara ń bá ibẹ̀ jáde. Bí òjò bá ń rọ̀ tàbí tí ọyẹ́ mú, wọ́n á fi ìyẹ́ wé ara, wọ́n á sún mọ́ra. Bí oòrùn bá mú, wọ́n á tú díẹ̀, wọ́n á máa fi ìyẹ́ fẹ́ ara wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí lára wọn, kó wo àlàfo tó wà láàárín wọn. Ìkejì ni àwọn ọ̀tá, pàápàá àwòdì àti àwọn ẹyẹ apẹran bíi rẹ̀: ẹni tó wà létí ni ọ̀tá sábà ń gbé, àárín sì ni gbogbo wọn ń lé. Ìyẹn ló ń fa ìjà tí à ń gbọ́.

Ibi tí wàhálà ti ń dé ni ìwúwo. Ká ní àdán 100 tó wọn 300 gíráàmù rọ̀ sórí ẹ̀ka kan; kìlógíráàmù 30 nìyẹn, ojoojúmọ́ ni. Èékánná wọn tún ń bó ewé àti èèpo. Ẹ̀ka tó ti gbẹ a máa já, àwọn ọmọ tó lẹ̀ mọ́ ìyá wọn ló sì ń fara gbá jù.

Òòbẹ̀ kéré púpọ̀ sí àdán, kì í sì í sábà rọ̀ gbalaja. Ńṣe ló ń tẹ ikùn mọ́ igi àjà tàbí kó há sábẹ́ páànù, orí sísàlẹ̀. Bí ó ṣe kéré tó yìí, ooru ń tètè bọ́ lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọgọ́rùn-ún wọn lè kún inú àlàfo kékeré kan. Ooru abẹ́ páànù lè ju dígírì 40 lọ lọ́sàn-án. Nígbà náà wọ́n á sún kúrò níbi tó gbóná jù, ariwo wọn á sì pọ̀ sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ lé wọn, kó má ṣe fi sìmẹ́ǹtì dí ihò lọ́sàn-án. Inú ilé ni wọ́n á kú sí, òórùn wọn á sì gba ilé. Ẹ dúró níta nírọ̀lẹ́ kí ẹ rí ihò tí wọ́n ń gbà jáde. Ihò tí kò ju ìka kan lọ tó fún wọn. Nígbà tí àwọn àgbà bá ti jáde tán, ẹ tẹ́tí. Bí ariwo wínníwínní bá ṣì ń bọ̀ láti inú àjà, ọmọ wà níbẹ̀, ẹ fún wọn ní oṣù kan sí méjì. Bí kò bá sí ariwo, ẹ kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ òkè ihò náà àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kó sì gùn kọjá ihò ní ìdajì mítà. Wọ́n á gba ìsàlẹ̀ jáde, wọn kò ní mọ ọ̀nà padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wá dí ihò.

Ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé èyí tó bá já sílẹ̀, àdán tàbí òòbẹ̀. Ara àdán Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí kòkòrò àrùn kan tó jẹ́ ìbátan dìgbòlugi ní 1956. Ẹ fi páálí bò ó, ẹ ti páálí mìíràn sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá gbé e sídìí igi tó ní èèpo gbágungbàgun. Bó bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, kí ẹni náà fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.