Òòfà ò gbé e, 750 wà lára rẹ̀: ṣé góòlù ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, alàgbà. Obìnrin kan tó máa ń gbé ọjà wá síbi iṣẹ́ wa fẹ́ ta séènì ọrùn kan fún mi. Ó ní góòlù kárátì 18 ni. Mo rí 750 lára ìkọ́ rẹ̀, mo fi òòfà kàn án, kò gbé e. Mo tún fi séènì náà ha ẹ̀yìn táìlì, ìlà aláwọ̀ góòlù ló jáde. Ṣé kí n sanwó fún un? — Òǹkàwé kan, Iléṣà.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó. Ohun tí ẹ ṣe dára, ṣùgbọ́n idẹ lásán tí wọ́n fi góòlù díẹ̀ bò lójú lè yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, idẹ náà ni wọ́n sì ń lò jù fún ayédèrú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí òòfà. Lóòótọ́, góòlù kì í tẹ̀ lé òòfà. Ṣùgbọ́n idẹ, bàbà àti fàdákà náà kì í tẹ̀ lé e. Kódà irin tí kì í dógùn-ún, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe séènì olówó pọ́ọ́kú, òòfà kì í sábà gbé e. Torí náà, bí òòfà bá gbé ara séènì, ọ̀rọ̀ ti parí, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Bí kò bá gbé e, ohun tí ẹ mọ̀ kò tíì ju pé kì í ṣe irin gidi ló wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi òòfà kan ìkọ́ o. Sípíríìnì kékeré kan wà nínú ìkọ́ tó ń jẹ́ kó ṣí kó sì padé, irin ni wọ́n fi ń ṣe é, kódà lára ojúlówó góòlù. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ ju séènì gidi nù nítorí pé ìkọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ òòfà. Òòfà tí a fi ń lẹ̀wé mọ́ fìríìjì kò lágbára tó fún iṣẹ́ yìí, èyí tí ẹ bá yọ lára sípíkà tó ti bàjẹ́ ló dáa.

Ní ti 750, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú ìdá 1,000, ìdá 750 jẹ́ góòlù, ìyẹn kárátì 18 nínú 24. Bẹ́ẹ̀ náà ni 916 ṣe jẹ́ kárátì 22, 585 jẹ́ 14, 375 sì jẹ́ 9. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ kékeré kan àti òòlù ni wọ́n fi ń tẹ nọ́ńbà yìí, ẹnikẹ́ni tó bá ní irinṣẹ́ náà lè tẹ̀ ẹ́ sára ohun tó bá wù ú. Ohun tó wúlò jù lára àmì ni lẹ́tà tó bá tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá rí GP, GEP, HGE tàbí GF lẹ́yìn nọ́ńbà, ẹni tó ṣe é fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé góòlù wà lójú rẹ̀ nìkan. Bí ó bá sì jẹ́ 925 lẹ rí lára ohun tó ní àwọ̀ góòlù, fàdákà ni wọ́n bò.

Ẹ fi kámẹ́rà fóònù yín fa àwòrán séènì náà sún mọ́ra, kí ẹ wo ibi tí òrùka kan ti ń fi ara gbo òmíràn. Ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n fi bò ó kọ́kọ́ máa ń ṣí. Bí ẹ bá rí i tó funfun bí irin, tàbí tó pupa bíi bàbà, tí ìyókù sì ń dán, ẹ ti rí inú rẹ̀. Ẹ tún wò bóyá 750 wà lára òrùka tó kẹ́yìn séènì, kì í ṣe lára ìkọ́ nìkan, nítorí pé ìkọ́ ṣeé pààrọ̀.

Ti táìlì ló ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Àwọn tó ń wa góòlù nílẹ̀ ló ni ìdánwò yẹn, irú wọn sì ń bẹ lẹ́bàá wa níbí ní Ìtagunmódì àti Igun. Òkúta kan wà tó ń dán bíi góòlù, bí wọ́n bá fi ha ẹ̀yìn táìlì, ìlà dúdú tó fẹ́ jọ ewé ló ń fà. Góòlù kì í fa dúdú, torí náà ìdánwò náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún wọn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi òkúta yẹn ṣe séènì. Idẹ ni wọ́n ń lò, idẹ sì ń fa ìlà tó jọ ti góòlù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ojú séènì nìkan ni táìlì ń ha, góòlù tí wọ́n fi bò ó ló sì wà níbẹ̀. Ẹ tiẹ̀ lè bá ohun ọlọ́hun jẹ́ lásán.

Ohun tí mo máa gbà yín níyànjú láti ṣe nílé ni pé kí ẹ fi omi wọ̀n ọ́n. Góòlù wúwo gan-an ju bó ṣe tóbi lọ, idẹ kò sì lè fara wé e níbẹ̀. Ẹ wá síkéèlì kékeré tó ń ka gíráàmù títí dé ìdá mẹ́wàá rẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò fún èròjà wẹ́wẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wọn séènì náà gbígbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ife omi sórí síkéèlì, ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ kó padà sí òdo. Ẹ wá so séènì mọ́ òwú tín-ínrín, kí ẹ rì í sínú omi pátápátá láìjẹ́ kó kan ìdí tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. Ẹ pín iye tó wọ̀n nígbà tó gbẹ pẹ̀lú nọ́ńbà tí síkéèlì bá fi hàn.

Obìnrin kan mú séènì kan wá sí ìsọ̀ mi, ìyá wọn tó kú ló ni ín, òun àtàwọn ọmọ ìyá rẹ̀ sì ti ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. 750 wà lára rẹ̀, òòfà ò gbé e. Nígbà tó gbẹ, ó wọn gíráàmù 18.9. Nínú omi, síkéèlì fi 2.2 hàn. Bí ẹ bá fi 2.2 pín 18.9, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 8.6, ibi tí idẹ wà gan-an nìyẹn. Ká ní kárátì 18 ni, nǹkan bíi 1.2 ni síkéèlì ìbá fi hàn, ìdáhùn ìbá sì wà láàárín 15 sí 16. Mo gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi fáìlì wọ abẹ́ òrùka kan díẹ̀, mo kán ásíìdì síbẹ̀. Ó hó, ó sì di àwọ̀ ewé. Ìjà náà tán lójú ẹsẹ̀.

Ìdánwò omi náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Séènì tó ní ihò nínú máa ń gbé afẹ́fẹ́ mọ́ra, yóò fúyẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ góòlù. Èyí tó ní òkúta lára kò ṣeé wọ̀n báyìí. Ẹ mì í nínú omi kí ìhó tó lẹ̀ mọ́ ọn lè kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nọ́ńbà yóò parọ́. Bí séènì bá fúyẹ́ ju gíráàmù 5 lọ, àṣìṣe díẹ̀ lórí síkéèlì lè yí ìdáhùn padà. Ásíìdì ní tirẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ ó máa gbìyànjú ní kíṣíìnì. Ó ń jó ọwọ́, èéfín rẹ̀ sì burú fún àyà.

Kí ẹ tó tún pàdé obìnrin náà, ẹ bèèrè iye tí gíráàmù góòlù kárátì 24 jẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.75, kí ẹ sì fi iye gíráàmù séènì sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ohun tó ń bèèrè bá fi púpọ̀ kéré sí i, ẹ bi í ní ìdí tí kò fi tà á fún alágbẹ̀dẹ góòlù tí yóò yọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jọ lọ sí ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ, pé owó wà lọ́wọ́ yín, ibẹ̀ lẹ sì ti máa san án. Bó bá ní òun ò lè lọ, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.