Ìdí tí ẹ̀rọ ìwákiri fi ń kọ́ ètò láti ara ìfiwéra méjì-méjì, àti iṣẹ́ tí lámúdà ń ṣe níbẹ̀

*Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. À ń ṣe ibi ìwákiri kan fún òwe Yorùbá níbi iṣẹ́ wa. Ọ̀gá mi ní kí n lo `lambdarank`, ó ní àṣà àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ni kí wọ́n máa fi ojú ìwé wéra ní méjì-méjì, dípò kí wọ́n kọ́ ẹ̀rọ láti sọ máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ni ìtumọ̀ àṣà yìí? Kí ni lámúdà náà gan-an? Kí sì ni igi ń wá níbẹ̀?*

Ètò ni ẹni tó ń wá nǹkan máa ń rí: èyí wà lókè, èyí tẹ̀ lé e. Kì í rí máàkì kankan. Ká ní ojú ìwé méjì wà, tí àwọn tó yẹ̀ wọ́n wò fún ọ̀kan ní ipele 3, tí wọ́n fún èkejì ní 2. Bí ẹ̀rọ bá fojú bù ú pé 2.4 ni ti àkọ́kọ́, tí ó ní 2.5 ni ti èkejì, àṣìṣe rẹ̀ kéré lójú ìṣirò, ṣùgbọ́n ó ti gbé èyí tí kò dára tó síwájú èyí tó dára jù. Bí ẹ̀rọ mìíràn bá sọ 1.5 fún àkọ́kọ́, tó sọ 0.3 fún èkejì, àṣìṣe tirẹ̀ pọ̀ gan-an, síbẹ̀ ètò rẹ̀ tọ̀nà, òun ni yóò sì tẹ́ ẹni tó ń wá nǹkan lọ́rùn. Ìdí nìyí tí a fi ń bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè tó rọrùn jù: nínú méjì yìí, èwo ló yẹ kó ṣáájú? Ẹ gbé iṣu méjì síwájú ọmọ kékeré, á nawọ́ sí èyí tó tóbi jù. Ẹ ní kó sọ kílò ọ̀kọ̀ọ̀kan, á dákẹ́.

Lọ́dún 2005, Christopher Burges àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Microsoft gbé ọ̀nà kan jáde tí wọ́n pè ní RankNet. Nínú rẹ̀, ẹ̀rọ ṣì ń fún ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní máàkì, ká pè é ní `s`, ṣùgbọ́n a kì í béèrè bóyá máàkì náà tọ̀nà. Àlàfo tó wà láàárín máàkì méjì nìkan là ń wò. Bí `i` bá jẹ́ ojú ìwé tó dára jù, tí `j` sì jẹ́ èyí tó yẹ kó wà lẹ́yìn rẹ̀, agbára tí a ó fi ti `i` sókè, tí a ó sì fi ti `j` sísàlẹ̀, nìyí:

```
1 / (1 + exp(s_i - s_j))
```

Bí `i` bá ti wà níwájú dáadáa, agbára yìí á fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo, a ó sì fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Bí `i` bá wà lẹ́yìn gan-an, agbára náà á súnmọ́ 1.

Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí ibi òwe yín. Ẹnì kan tẹ `owe nipa omo`, kò fi àmì ohùn sí i, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Ẹ̀rọ kó ojú ìwé mẹ́ta wá. Èyí tó gbé sókè pátápátá ń sọ̀rọ̀ nípa ọṣẹ ìfọṣọ tó ń jẹ́ Omo, torí pé lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu: máàkì rẹ̀ jẹ́ 2.0, ipele rẹ̀ sì jẹ́ 0. Èkejì jẹ́ oríkì tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ, máàkì 1.5, ipele 1. Ẹ̀kẹta ni àkójọ òwe nípa ọmọ gan-an, "ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà" àti irú wọn: máàkì 1.0, ipele 3.

Ìfiwéra mẹ́ta ló jáde níbẹ̀. Òwe yẹ kó ṣáájú ọṣẹ, òwe yẹ kó ṣáájú oríkì, oríkì náà yẹ kó ṣáájú ọṣẹ. Bí a bá fi àlàfo máàkì wọn sínú ìṣirò òkè yẹn, òwe àti ọṣẹ á ní agbára 0.73, àwọn ìfiwéra méjì yòókù á ní 0.62 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo oríkì láàárín wọn. Ìfiwéra rẹ̀ pẹ̀lú òwe ń tì í sísàlẹ̀ ní 0.62, èyí tó ní pẹ̀lú ọṣẹ sì ń tì í sókè ní 0.62. Ó dúró sójú kan.

Ibi tí RankNet ti kù díẹ̀ káàtó ni pé gbogbo àṣìṣe ló rí bákan náà lójú rẹ̀. Ojú ìwé méjì tó gba ipò ara wọn ní ipò 51 àti 52 wúwo lójú rẹ̀ bí èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ipò 1 àti 2, bẹ́ẹ̀ ta ló ń yí fóònù wálẹ̀ dé ipò 51? Òṣùwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ fi ń mọ̀ bóyá ètò dára ń ro èyí mọ́ ọn. NDCG ni wọ́n ń pè é, Järvelin àti Kekäläinen ló ṣàlàyé rẹ̀ fáyé ní 2002. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣírò rẹ̀ ni pé ipele 3 ní iye 7, ipele 1 ní iye 1, ipele 0 kò ní nǹkan kan. Ẹni tó wà ní ipò kìíní gba iye rẹ̀ pé, ipò kejì gba ìdá 0.63 rẹ̀, ipò kẹta gba ìdajì. Ètò tí ẹ̀rọ wa tò yẹn ní 0 láti ara ọṣẹ, 0.63 láti ara oríkì, 3.5 láti ara òwe, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4.13. Ètò tó dára jù lọ á ní 7.63. Pín èkíní fún èkejì, NDCG wa jẹ́ 0.54.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé NDCG kì í lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi 0.1 kún máàkì òwe, NDCG kò ní mira, àfi ìgbà tí máàkì yẹn bá kọjá ti ẹlòmíì, ìgbà náà ni yóò fò sókè lẹ́ẹ̀kan. Kọ̀ǹpútà kò rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kankan tẹ̀ lé. Ohun tí Burges àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní 2006, tí wọ́n pè ní LambdaRank, tí mo ka sí ọgbọ́n tó ga jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ni pé wọn ò dúró de gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Wọ́n mú agbára RankNet, wọ́n sì sọ ọ́ di púpọ̀ ní ìwọ̀n bí NDCG yóò ṣe yí padà bí ojú ìwé méjèèjì bá gba ipò ara wọn. Bí òwe àti ọṣẹ bá gba ipò ara wọn, NDCG á fi 0.46 yí padà. Òwe àti oríkì, 0.10. Oríkì àti ọṣẹ, 0.05 péré. Agbára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá di 0.34, 0.06 àti 0.03.

Ẹ ṣe àròpọ̀ fún ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí i pé òwe ní 0.40 sókè, oríkì ní 0.03 sísàlẹ̀, ọṣẹ ní 0.37 sísàlẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan yìí ni lámúdà, orúkọ lẹ́tà Gíríìkì tí wọ́n fi kọ ọ́ nínú ìṣirò. Oríkì tó dúró sójú kan tẹ́lẹ̀ ti ń lọ sísàlẹ̀ díẹ̀ báyìí, torí pé kí ó yà fún òwe lérè ju kí ó borí ọṣẹ lọ.

Ibí yìí ni igi ti wọlé, ìyẹn ọ̀wọ́ ìbéèrè bẹ́ẹ̀-ni tàbí bẹ́ẹ̀-kọ́ tó ń yapa bí ẹ̀ka. Kò sí ohun tí ẹ̀rọ mọ̀ nípa ojú ìwé ju àwọn àbùdá tí ẹ fún un lọ. Nínú dátà MSLR-WEB30K tí Microsoft gbé síta fún àwọn olùwádìí, àbùdá 136 ló wà fún ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Fún ibi òwe, díẹ̀ tó: BM25, ìyẹn máàkì bí ọ̀rọ̀ ìbéèrè ṣe bá ọ̀rọ̀ ìwé mu, lórí àkọlé, BM25 inú ìwé lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ àmì kúrò lára ọ̀rọ̀, bóyá "òwe" wà nínú àkọlé, àti ìdá àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé tó ní àmì ohùn. Èyí tó kẹ́yìn yẹn níye lórí fún èdè wa. Ìpolówó ọṣẹ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ kò ní àmì ohùn rárá, àkójọ òwe tí wọ́n kọ dáadáa kún fún un.

Igi àkọ́kọ́ á wo gbogbo lámúdà, lórí gbogbo ìbéèrè tó wà nínú dátà, á sì wá àbùdá tó lè ya àwọn tí a ń tì sókè sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí a ń tì sísàlẹ̀. Bóyá ó kọ́kọ́ béèrè pé, ṣé ìdá àmì ohùn ju 0.3 lọ? Ọṣẹ á bọ́ sí apá kan. Ní apá kejì, ó tún béèrè pé, ṣé "òwe" wà nínú àkọlé? Òwe àti oríkì á pínyà. Ewé kọ̀ọ̀kan á ní nọ́ńbà tirẹ̀, a ó sọ nọ́ńbà náà di kékeré, bíi ìdá 0.05, kí igi kan má bàa jọba lé àwọn tó kù lórí, a ó wá fi kún máàkì. Máàkì ti yí padà nìyẹn, nítorí náà a ó tún gbogbo lámúdà ṣírò kí igi kejì tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe títí igi á fi tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Jerome Friedman ló fi ìpìlẹ̀ irú igi onígi-lé-igi yìí lélẹ̀. Ìgbà tí wọ́n so ó pọ̀ mọ́ lámúdà ló di LambdaMART, òun ló sì wà nínú àkópọ̀ ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ Burges fi gba ipò kìíní ní ìdíje Yahoo ti 2010. Ohun tí mo fẹ́ràn lára igi ni pé ìwọ̀n àbùdá kò dà á láàmú. Iye ẹni tó tẹ ojú ìwé lè jẹ́ 40,000, ìdá àmì ohùn lè jẹ́ 0.3, igi kàn ń béèrè ibi tí yóò gé e sí ni.

```python
import lightgbm as lgb
m = lgb.LGBMRanker(objective="lambdarank",
                   n_estimators=300, learning_rate=0.05)
m.fit(X, y, group=[12, 9, 20])
```

`group` ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ó ń sọ pé ìlà 12 àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìbéèrè kan, 9 tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti òmíràn. Inú ìbéèrè kan náà nìkan ni ìfiwéra ti ní ìtumọ̀. Bí ẹ bá da ìlà rú kí ẹ tó kọ́ ẹ̀rọ, òwe ọmọ á máa bá òwe oko díje, kọ̀ǹpútà ò sì ní kígbe. Bákan náà, bí ẹ bá ń pín dátà sí èyí tí ẹ ó fi kọ́ ẹ̀rọ àti èyí tí ẹ ó fi dán an wò, odidi ìbéèrè ni kí ẹ máa gbé sápá kan, ẹ má pín in ní ìlà-ìlà.

Ẹ ṣọ́ra fún NDCG tó bá ga jù. LightGBM, àkójọ kóòdù tí a lò lókè yìí, máa ń fún ìbéèrè tí gbogbo ojú ìwé rẹ̀ jẹ́ ipele 0 ní NDCG 1. Bí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ìdajì dátà tí ẹ fi ń dán ẹ̀rọ wò, 0.80 tí ẹ rí jẹ́ 0.60 lórí àwọn tó kù. Ẹ yọ wọ́n kúrò kí ẹ tó kà á. Wọn kò sì kọ́ ẹ̀rọ ní nǹkan kan, torí pé níbi tí ipele bá dọ́gba, kò sí ìfiwéra.

Bí ó bá jẹ́ títẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń tẹ ojú ìwé lẹ fẹ́ fi ṣe ipele, ẹ rántí pé ohun tó wà lókè ni wọ́n ń tẹ̀, bó dára, bí kò dára. Ẹ̀rọ á kàn kọ́ ètò àtijọ́ yín padà ni. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ òwe dáadáa, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ojú ìwé ní ipele lórí igba ìbéèrè. Mo fẹ́ ìyẹn ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún títẹ̀ lọ.

Ẹ má sì fi máàkì ìbéèrè kan wé ti òmíràn. Àlàfo nìkan la kọ́ ẹ̀rọ, nítorí náà 2.3 lórí `owe nipa omo` lè jẹ́ òwe tó péye, kí 2.3 lórí ìbéèrè mìíràn jẹ́ èyí tó sàn díẹ̀ láàárín àwọn tí kò wúlò. Bí ọ̀gá yín bá fẹ́ kí ibi ìwákiri náà máa sọ pé "kò sí òwe tó bá èyí mu", ẹ̀rọ mìíràn lẹ ó kọ́ fún ìyẹn.