Àkáǹtì ìyá nílé, owó ọmọ lókè òkun: ìwé tí báńkì ń béèrè

"Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́. Mo máa ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá mi láti Ìlú Ọba. Báńkì ti ti àkáǹtì wọn, wọ́n ní kí wọ́n fi ẹ̀rí ibi tí owó ti wá hàn. Ìwé wo gan-an ni ká kó lọ?"

Ẹ kú wàhálà. Ohun tójú ìyá tèmi rí náà nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà ló fẹ́ fi owó òrùlé ránṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ ìfowóránṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ kò jìnnà sí wọn, àmọ́ ọ̀gbẹ́ni kan lóun máa fi díẹ̀ lé e lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n san dọ́là fún un, náírà sì wọlé fún Màámi lọ́jọ́ náà, láti ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa ò mọ̀ rí. Nígbà tí Màámi fẹ́ san owó páànù ni báńkì kọ̀. Owó lè wọlé, kò lè jáde, títí kan owó ìfẹ̀yìntì wọn!

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé dọ́là ẹ̀gbọ́n kò kúrò ní Kánádà rárá. Ọ̀gbẹ́ni yẹn kàn ní kí àwọn tó ní náírà nílé san án fún Màámi ni. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti lu jìbìtì, tí wọ́n ń tọ ipasẹ̀ owó náà, wọn á máa ti àkáǹtì tó bá gbà kọjá. Ẹ̀rí ẹ̀gbọ́n ò sì bá sitétímẹ́ǹtì Màámi mu níbì kankan, torí orúkọ yàtọ̀, iye náà yàtọ̀. Àfikún díẹ̀ yẹn ló gbé gbogbo owó mì.

Ká má sọ ti àwọn òṣìṣẹ́ báńkì. Ẹ̀ka ní ká lọ sí olú ilé-iṣẹ́, olú ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀ka ló ni ín. Ọmọ kékeré kan ń bi arúgbó pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe tí wọ́n fi ní irú owó bẹ́ẹ̀!

Tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ lẹ lò, ọ̀rọ̀ yín rọrùn ju tiwa lọ. Síbẹ̀, ó lè jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó bá wọn san owó nílé ló hàn lórí àlẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe orúkọ yín. Ẹ̀yin lẹ máa so ó pọ̀ fún báńkì. Ká ní ẹ fi 1,000 pọ́n-ùn ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, tí wọ́n ṣírò pọ́n-ùn kan sí 2,000 náírà. Sitétímẹ́ǹtì yín lọ́hùn-ún á fi hàn pé 1,003 pọ́n-ùn jáde, torí owó iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Rìsíìtì ilé-iṣẹ́ á gbé orúkọ yín, orúkọ Màámá, nọ́ńbà ìfowóránṣẹ́ àti 2,000,000 náírà. Sitétímẹ́ǹtì Màámá á fi 2,000,000 náírà kan náà hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ Ajé ló wọlé. Ẹ fa ìlà sábẹ́ owó náà nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ìwé owó oṣù yín, ojú ìwé ìrìnnà yín àti lẹ́tà kúkúrú tẹ́ ẹ fọwọ́ sí kún un, pé ọmọ wọn ni yín àti ohun tí owó wà fún. Tí orúkọ bàbá tó bí Màámá ló wà lórí àkáǹtì, tí orúkọ ọkọ sì wà lórí rìsíìtì, ìwé ìbúra kóòtù ló máa parí ìyẹn.

Láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni Báńkì Àpapọ̀ ti ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìfowóránṣẹ́ máa san owó ní náírà, kí ohun tó bá ju 200 dọ́là lọ gba inú àkáǹtì. Orúkọ àwọn tó ní ìwé àṣẹ wà ní cbn.gov.ng. Òfin ọdún 2022 tún ní kí wọ́n fi owó tó bá ju 10,000 dọ́là lọ tó àwọn aláṣẹ létí láàárín ọjọ́ kan. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀sùn, ẹ má torí ẹ̀ gé owó sí wẹ́wẹ́. Gígé yẹn gan-an ni wọ́n máa fura sí.

Àmọ́ kí Màámá tó kó ohunkóhun lọ, kí wọ́n ní kí báńkì kọ ìdí tí wọ́n fi ti àkáǹtì sórí ìwé. Tó bá jẹ́ ìwádìí báńkì lásán, àwọn ìwé yìí tó, kí wọ́n ṣáà gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Tó bá jẹ́ àṣẹ kóòtù, máníjà kankan ò lè ṣí i, ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni lówó ẹ̀yìn pé ó máa bá yín ṣí i. Lọ́yà lẹ nílò. Lọ́yà ló bá wa gba owó ìfẹ̀yìntì Màámi sílẹ̀. Owó òrùlé ṣì wà níbẹ̀.