Ohun tó yẹ kó wà lórí ímeèlì líìfù

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará ilé, mo ti fi ímeèlì líìfù ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò dáhùn. Kí ni mo lè kọ sí sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó fi máa tètè kà á?"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń bá ọ̀gá kan ṣí ímeèlì rẹ̀ ní ọ́fíìsì kan ní Màrínà, èmi ni mò ń tò ó, èmi ni mò ń rán an létí, torí náà mo mọ èyí tó máa ń fọwọ́ kàn àti èyí tó máa ń yí kọjá. Orí fóònù ló ti ń ka púpọ̀ nínú ẹ̀, nínú mọ́tò, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Third Mainland, fóònù ọ̀hún kì í sì í fi gbogbo sọ́bújẹ́ẹ̀tì hàn, nǹkan bíi lẹ́tà 35 sí 40 ló máa ń hàn kó tó gé e.

Ẹ wá wo irú èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń kọ, bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti máa kọ lẹ́tà nílé ìwé:

```
APPLICATION FOR PERMISSION TO PROCEED ON ANNUAL LEAVE
```

Ẹ kà á, láti A àkọ́kọ́ títí dé ìparí PROCEED, lẹ́tà 37 ti lọ pẹ̀lú àlàfo àárín wọn. Ibẹ̀ ni fóònù máa gé e sí. Ọ̀gá yín ò rí líìfù, kò rí ọjọ́, kò mọ ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe, ó kàn mọ̀ pé ẹnì kan ń tọrọ nǹkan, á ní òun á kà á tóun bá délé, ó parí nìyẹn.

Ká ní iṣẹ́ àkáǹtì lẹ ń ṣe, ẹ fẹ́ lọ láti Mọ́ńdè 9 sí Fráìdè 13 oṣù Fẹ́búárì 2026, ẹ sì ti bá Bísí sọ̀rọ̀ pé kó bá yín di ipò mú. Èmi á kọ ọ́ báyìí:

```
Annual leave 9-13 Feb: approve by 30 Jan (Bisi covers)
```

Irú líìfù àti ọjọ́ ti wọlé láàárín lẹ́tà 21 péré, tí fóònù bá tiẹ̀ gé e lẹ́yìn ìyẹn ó ti yé e. Ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ìdáhùn ló tẹ̀ lé e, torí tí kò bá sí ọjọ́ níbẹ̀, ọ̀la ni ọ̀gá máa ń sún un sí. Bísí yẹn náà ṣe pàtàkì gan-an, nítorí ohun tó máa ń dá ọwọ́ ọ̀gá dúró jù lọ ni pé ta ló máa ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ ti dáhùn kó tó bèèrè. Ṣùgbọ́n kí Bísí ti gbà o, kí ẹ tó kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ má kọ "next week", torí tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kejì ló ṣí i, ọ̀sẹ̀ míì ló máa rò. Ẹ má sì kọ 9/2, ẹlòmíì lè kà á sí oṣù kẹsàn-án, ẹ kọ orúkọ oṣù. Orúkọ yín ò pọn dandan nínú sọ́bújẹ́ẹ̀tì, ó ti hàn lókè ẹ̀, àyàfi tó bá jẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì tí gbogbo ọ́fíìsì jọ ń lò lẹ fi rán an. URGENT náà, ẹ má kọ ọ́ sí ti líìfù ọdọọdún. Tó bá jẹ́ àìsàn, `Sick leave today 9 Feb` ti tó, ẹ má kọ orúkọ àìsàn síbẹ̀, torí ó máa ń yọ lójú fóònù tó wà lórí tábìlì, ẹni tó bá jókòó tì í á kà á.

Ìlà àkọ́kọ́ nínú ímeèlì náà máa ń hàn lábẹ́ sọ́bújẹ́ẹ̀tì. Ẹ kí ọ̀gá o, ìkíni ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n "Good morning sir" ti tó, kí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ẹ tó rán an, ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ara yín, ẹ wò ó lórí fóònù láìṣí i, tí ọjọ́ ò bá hàn, ẹ gé e kù.

Ẹ má sì fi rípláì orí ímeèlì àtijọ́ bèèrè líìfù, tí sọ́bújẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ṣì ń pe ìròyìn ọjà oṣù tó kọjá, ọ̀gá á rò pé ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ rán an létí, orí ímeèlì líìfù yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ti fèsì, ẹ má yí sọ́bújẹ́ẹ̀tì padà, torí tẹ́ ẹ bá yí i, Gmail máa yà á sọ́tọ̀, ọ̀gá ò ní rí ti àkọ́kọ́ lábẹ́ ẹ̀ mọ́. Tó bá wá ku ọ̀la kí ọjọ́ ìdáhùn pé, ẹ pè é, kẹ́ ẹ sì sọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì náà fún un bó ṣe wà, kó lè wá a jáde lórí fóònù ẹ̀ lójú ẹsẹ̀.