Bó o ṣe lè kí ọ̀gá àtijọ́ tó o ti pa tì tipẹ́

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Ó ti tó ọdún méje tí mo ti bá ọ̀gá mi àtijọ́ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi báyìí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kí wọn tí wọn ò ní sọ pé torí mo nílò nǹkan ni mo ṣe rántí àwọn?"

Àbúrò, má fi ìkíni bo ohun tó o fẹ́ mọ́lẹ̀ o, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Wọ́n á ní "ẹ káàárọ̀ sà" lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ lọ́jọ́ Túsìdeè, wọ́n á fi fídíò àdúrà ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì ẹ̀, tó bá wá di Tọ́sìdeè, "sà, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà o." Èmi náà ti ń gba èèyàn síṣẹ́ báyìí, irú ẹ̀ ń wọlé sí mi dáadáa, tí mo bá ti rí fídíò àdúrà yẹn ni mo ti mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ó sì ń bí mi nínú ju kéèyàn béèrè ní tààràtà lọ. Ìkíni àti ohun tó o fẹ́, inú mẹ́sééjì kan náà ni kó o kó o sí.

Àmọ́ kọ́kọ́ wádìí nọ́ńbà yẹn ná. Ní Nàìjíríà ńbí, láìnì téèyàn ò bá lò fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè tì í pa, tó bá tún pẹ́ sí i wọ́n á tà á fún ẹlòmíì. Béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan tẹ́ ẹ jọ ṣiṣẹ́, kó o sì fọgbọ́n bi í bóyá àlàáfíà ni ọ̀gá wà. Mo mọ ẹnì kan tó kọ̀wé sí màmá kan pé kí wọ́n bá òun kí dádì, dádì sì ti kú. Torí náà, "ilé ńkọ́ sà" ti tó, má dárúkọ ìyàwó, má dárúkọ ọmọ.

"Ṣé ẹ rántí mi?" náà, jọ̀ọ́ má kọ ọ́, ta ló fẹ́ máa dá àlọ́ mọ́ ẹ lójú iṣẹ́? Àwọn oníjìbìtì sì ti ń gba wásáàpù àwọn èèyàn fi tọrọ owó káàkiri, gbogbo èèyàn ló ń fura. Orúkọ ẹ, ibi tẹ́ ẹ ti pàdé, àti ohun kan tó jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ mọ̀ ọ́n, kó wà lókè pátápátá.

Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ tèmi, ohun tí mo kọ sí ọ̀gá mi kan tó ti pẹ́ gan-an tá a ti ríra nìyí:

"Ẹ káàsán sà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi Délé ni, tí mo wà ní sítọ̀ lábẹ́ yín ní sáìtì Ṣàgámù, tẹ́ ẹ ní kó tún gbogbo símẹ́ǹtì kà lọ́jọ́ tí òjò ṣí òrùlé sítọ̀. Ó pẹ́ tí mo ti kí yín, ẹ má bínú sà. Títí dòní, mi ò kí ń sáìnì ọjà tí mi ò bá kà lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe parí lóṣù tó kọjá. Mi ò ní kẹ́ ẹ bá mi wáṣẹ́ sà, mo kàn fẹ́ bi yín pé nínú àwọn kọ́ńtírákítọ̀ tẹ́ ẹ mọ̀, àwọn wo ló ń wá sítọ̀kípà tó mọ kọ̀ǹpútà lò? Tí kò bá rọrùn sà, kò sí wàhálà."

Wò ó dáadáa. Gbólóhùn kan péré ni mo fi tọrọ àforíjì, torí téèyàn bá ti ń to àwáwí jọ, ọ̀gá á bẹ̀rẹ̀ sí í rántí iye ọdún tó o fi pa á tì. Mi ò sì béèrè iṣẹ́. Ọ̀gá tí ò ní àyè níbi iṣẹ́ ẹ̀, ojú á tì í láti sọ bẹ́ẹ̀, á kúkú dákẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ kọ́ńtírákítọ̀ kan ò lè wọ́n ọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè mí fúnra wọn, "Délé símẹ́ǹtì! Ibo lo wọlé sí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì fún mi ní nọ́ńbà ẹnì kan ní Mówé tí mi ò lè gbọ́ orúkọ ẹ̀ láéláé lọ́dọ̀ àwọn tá a jọ ń kíra lójoojúmọ́, torí ohun témi mọ̀ náà làwọn yẹn mọ̀. Ìwádìí kan tí Peggy Liu àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2022 pàápàá sọ pé inú ẹni tá a dédé kí máa ń dùn ju bí ẹni tó kí i ṣe rò lọ.

Tí wọ́n bá kà á tí wọn ò fèsì ńkọ́? Fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sílẹ̀, kọ ìlà kan ṣoṣo, má sọ pé o rí i pé wọ́n ti kà á, má sì gba ọ̀dọ̀ ìyàwó wọn lọ. Tí wọ́n bá tún dákẹ́, ó di Iléyá tàbí ọdún tuntun kó o tó kí wọn, ìkíni lásán, kó o dárúkọ wọn sínú ẹ̀, kì í ṣe èyí tó o fọ́n ká fún gbogbo èèyàn.

Tí wọ́n bá sì fún ẹ ní nọ́ńbà, pe onítọ̀hún lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí ọ̀gá lè ti bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú, tó bá ní òun ò gbúròó ẹ, ojú ọ̀gá lo tì yẹn. Ibi tó bá já sí, ì báà jẹ́ pé wọn ò gbà ẹ́, padà lọ sọ fún ọ̀gá kó tó di pé wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.