Ìfọwọ́sí tó pẹ́: bí a ṣe ń rán ìgbìmọ̀ létí láì tàbùkù ẹnikẹ́ni

Ìbéèrè: Èmi ni akọ̀wé rẹgbẹ́rẹgbẹ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni 7 ló wà nínú ìgbìmọ̀ aṣọ Ojúde Ọba, ìwé òfin wa sì ní kí 5 fọwọ́ sí i kí a tó sanwó. Ẹni 4 ti fọwọ́ sí i, ọ̀sẹ̀ méjì rèé, àwọn yòókù ò fèsì. Ẹ̀gbọ́n mi ni méjì nínú wọn. Kí ni kí n kọ sórí Wásáàpù tí kò ní dìjà?

Ìdáhùn: Iye tó kù kó pé ni kí ẹ kọ, ẹ má ka ẹni tí ò fèsì. "Ó ku ìfọwọ́sí 1" ò nàka sí ẹnikẹ́ni, torí èyíkéyìí nínú àwọn 3 náà ló lè fi kún un. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kọ "ẹni 3 ò tíì fèsì", gbogbo ẹgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn.

Ọpẹ́ ló ń tú àṣírí jù. Akọ̀wé tó bá dárúkọ àwọn 4 tó ti fọwọ́ sí i láti dúpẹ́ ti dárúkọ àwọn 3 yòókù nìyẹn. Ìbò orí Wásáàpù náà ń fi orúkọ ẹni tó dìbò han gbogbo èèyàn. "Àwọn kan nínú wa" tún wá burú, torí ẹni tó ti fọwọ́ sí i pàápàá á rò pé òun ni ẹ ń pòwe mọ́. Ọ̀dọ̀ yín nìkan ni kí èsì máa wá.

Ẹ tún gbé àwòrán aṣọ àti iye rẹ̀ jáde. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìkíni ọjọ́ ìbí àti àdúrà Jímọ̀ á ti bò ó mọ́lẹ̀, ẹlòmíì ò sì rí i rárá. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́ o. Lórí aṣọ Ojúde Ọba, ó ku ìfọwọ́sí 1 kó pé 5. Àwòrán àti iye owó wà nísàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi 'bẹ́ẹ̀ ni' tàbí 'rárá' ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀ kó tó di aago 6 ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, torí àárọ̀ Ẹtì ni aláṣọ ń retí owó."

Ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, kò sì ní dúró de télọ̀. Látibẹ̀ ni kí ẹ ti kà á padà sẹ́yìn: ọjọ́ ìránṣọ, ọjọ́ pínpín aṣọ, ọjọ́ ìsanwó. Bí ọjọ́ tí ẹ dá bá kọjá láìsí nǹkan kan, wọn ò ní ka èyí tó tẹ̀ lé e sí.

Kí ẹ tó gbé e síbẹ̀, ẹ pe àwọn ẹ̀gbọ́n méjèèjì lórí fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ohun kan wà nínú aṣọ yẹn tí ò tẹ́ yín lọ́rùn?" Nígbà mìíràn, owó aṣọ ló wọ́n lójú wọn tí wọn ò fẹ́ sọ. Wásáàpù lè fi hàn yín pé wọ́n ti ka ọ̀rọ̀ yín. Ẹ má sọ ọ́ rárá.

Ká ní gbogbo 7 ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i tó sì ku ẹnì kan ni, ẹ má kọ nǹkan kan síta. Fóònù ló kàn.