Orí jáàkì ni mọ́tò mi wà nígbà tí wọ́n kọ tíkẹ́ẹ̀tì fóònù fún mi

*Ìbéèrè:* Ẹ káàsán o, Lọ́yà. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, táyà mi jò nítòsí Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì yà sọ́dọ̀ fọkanáísà. Ó ń tú táyà lọ́wọ́, èmi jókòó sínú mọ́tò, mo ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ni àwọn Ròódù Séfítì bá dé, wọ́n ní mo ń wa mọ́tò, mo tún ń pe fóònù. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀sùn fóònù tí wọ́n ń pè ní UPD fún mi, wọ́n sì mú láísẹ́ǹsì mi lọ. Ṣé kí n kàn san án kí n gba láísẹ́ǹsì mi ni, àbí ọ̀nà wà tí mo lè gbà jà á? — Ìyá oníṣòwò kan, Ògbómọ̀ṣọ́

*Ìdáhùn:* Ẹ kú wàhálà ọ̀nà, màmá. Ẹ má tíì san án. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sanwó, ẹ ti gbà pé ẹ jẹ̀bi nìyẹn, wọ́n á sì pa fáìlì yín dé. Bí ẹ bá wá padà sọ pé ẹ ò ṣe é, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni ìdí tí ẹ fi sanwó. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé náà pé kí ẹ san án, àti ọjọ́ kóòtù bí ó bá wà níbẹ̀. Ohun gbogbo tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ọjọ́ yẹn tó pé ni kí ẹ ṣe é.

Àwọn kan á sọ fún yín pé ₦4,000 péré ni owó ìtanràn UPD, pé kí ẹ san án kí ẹ fọwọ́ wọ́nú. Owó yẹn kọ́ ló ká mi lára. Pọ́ńtì mẹ́rin ló ń bá UPD rìn, orúkọ yín ni wọ́n sì máa kọ ọ́ sí. Bí pọ́ńtì awakọ̀ bá tó 10 sí 14, ìkìlọ̀ ni. Bí ó bá tó 15 sí 20, wọ́n á dá láísẹ́ǹsì rẹ̀ dúró fúngbà díẹ̀. Bí ó bá di 21, wọ́n á gbà á pátápátá. Ẹni tó ń fi mọ́tò ṣòwò kò gbọdọ̀ gba pọ́ńtì tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹ̀sùn náà jẹ́ gan-an, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín wà. Kí ẹ̀sùn UPD tó lè dúró, nǹkan méjì gbọdọ̀ pàdé: ẹ ń lo fóònù, ẹ sì ń wa mọ́tò lásìkò kan náà. Ẹ ò lè sẹ́ ti fóònù, ẹ má sì gbìyànjú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣìṣe níbí. Wọ́n á ní àwọn ò gbé fóònù rárá, fóònù wọn á sì tú wọn fó, torí aago ìpè wà nínú rẹ̀. Nígbà tí irọ́ kan bá ti hàn, kò sẹ́ni tó máa gba òótọ́ tó kù gbọ́. Ẹ gbà pé ẹ pe fóònù. Ohun tí ẹ máa jà lé lórí ni pé ẹ ò wa mọ́tò. Mọ́tò tí wọ́n fi jáàkì gbé sókè, tí wọ́n ti tú táyà rẹ̀, kò lè rìn, ó sì rọrùn láti fi ẹlẹ́rìí tì í lẹ́yìn.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí mọ sí. Bí ó bá jẹ́ pé inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni ẹ wà, tí mọ́tò dúró ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tí ẹ wá gbé fóònù, mi ò ní sọ pé kí ẹ jà. Ojú ọ̀nà lẹ ṣì wà, ìdúró díẹ̀ nínú ìrìn ni. Bákan náà, ẹ ronú dáadáa sí ibi tí mọ́tò dúró sí. Mo ní oníbàárà kan tó páàkì láti pe fóònù, òótọ́ ló sì sọ, àmọ́ ìdajì mọ́tò rẹ̀ wà lórí ọ̀dà. Bó ṣe ń ṣàlàyé láti bọ́ nínú ẹ̀sùn fóònù, bẹ́ẹ̀ ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun dí ojú ọ̀nà. Bí mọ́tò yín bá wà nínú àyè fọkanáísà, tó kúrò lórí ọ̀dà pátápátá, ọkàn yín balẹ̀.

Ní báyìí, ẹ gbé ìwé náà, kí ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà ìwé, nọ́ńbà mọ́tò, ọjọ́, aago, ibi tí wọ́n kọ pé ó ti ṣẹlẹ̀, àti orúkọ tàbí nọ́ńbà òṣìṣẹ́ tó kọ ọ́, ẹ da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé mìíràn, kí ẹ sì ya ìwé náà ní fọ́tò. Bí wọ́n bá ṣi lẹ́tà kan kọ nínú orúkọ yín, kò lè gbà yín. Ṣùgbọ́n bí ibi tí wọ́n kọ tàbí aago tí wọ́n kọ bá yàtọ̀ sí òótọ́, ẹ fàlà sí i nídìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà sọ́dọ̀ fọkanáísà lónìí, ẹ má fi dọ̀la. Ẹ ya fọ́tò ibi tí mọ́tò dúró sí, ọ̀kan láti ìtòsí, ọ̀kan láti òdìkejì ọ̀nà kí etí ọ̀dà àti ṣọ́ọ̀bù náà lè hàn pa pọ̀. Ẹ bi fọkanáísà bóyá ó máa lè jẹ́rìí, kí ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀. Báwo lẹ ṣe sanwó fún un? Bí ẹ bá fi fóònù ránṣẹ́ owó tàbí tí ẹ lo póòsì, àlẹ́ẹ̀tì tàbí rìsíìtì yẹn ní aago lára. Ká ní aago 4:10 ìrọ̀lẹ́ ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, tí àlẹ́ẹ̀tì owó táyà sì wọlé ní 4:25: èyí fi hàn pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀dọ̀ fọkanáísà lẹ ṣì wà. Àlẹ́ẹ̀tì nìkan kò sọ pé mọ́tò wà lórí jáàkì, fọkanáísà ló máa sọ ìyẹn. Àwọn méjèèjì ló ń gbe ara wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ má pa àlẹ́ẹ̀tì náà rẹ́ kúrò nínú fóònù.

Ó wá kan lẹ́tà. Ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí orúkọ rẹ̀ wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì lẹ máa kọ ọ́ sí, kì í ṣe òṣìṣẹ́ tó mú yín. Ojú ewé kan ti tó. Ẹ lè ní kí ọmọ yín bá yín fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe máa tẹ̀ lé ara wọn nìyí:

«Mo ń kọ̀wé nítorí ìwé ẹ̀sùn nọ́ńbà báyìí, tí wọ́n kọ fún mọ́tò nọ́ńbà báyìí, lọ́jọ́ báyìí ní aago báyìí. Ẹ̀sùn náà ni pé mo lo fóònù nígbà tí mo ń wa mọ́tò. Mo lo fóònù lóòótọ́, ṣùgbọ́n mọ́tò mi wà lórí jáàkì nínú àyè fọkanáísà, wọ́n ti tú táyà kan, ẹ́ńjìnnì sì ti kú. Mo so fọ́tò ibẹ̀, àlẹ́ẹ̀tì owó tí mo san, àti ọ̀rọ̀ tí fọkanáísà fọwọ́ sí mọ́ ọn. Mo bẹ̀bẹ̀ kí ẹ fagi lé ìwé ẹ̀sùn yìí, kí ẹ yọ pọ́ńtì rẹ̀ kúrò ní orúkọ mi, kí ẹ sì dá láísẹ́ǹsì mi padà.»

Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì. Ẹ gbé e lọ fúnra yín, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ kí wọ́n sì kọ déètì sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀dà tí kò ní òǹtẹ̀ kò lè jẹ́rìí pé lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀dà fọ́tò àti àlẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fún wọn, kí ojúlówó dúró sọ́wọ́ yín. Ẹ má bú òṣìṣẹ́ kankan nínú lẹ́tà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní owó ọtí kó lè bá yín tètè ṣe é: ẹ̀sùn mìíràn nìyẹn, ACM, ₦10,000 àti pọ́ńtì mẹ́wàá. Ẹ̀yin tí ẹ ò jẹ̀bi tẹ́lẹ̀ á wá jẹ̀bi.

Bí wọ́n bá gbà, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, tàbí tí wọn ò fèsì tí ọjọ́ sì ń sún mọ́lé, ẹ sọ fún wọn pé kóòtù lẹ fẹ́, kí ẹ sì rí i pé ẹ lọ lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Bí ẹ ò bá lọ, adájọ́ lè ní kí wọ́n lọ mú yín wá.

Nígbà mìíràn, kóòtù alágbèéká ni, tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀pọ̀ awakọ̀ lọ́jọ́ kan. Níbẹ̀, ẹ máa gbọ́ tí àwọn tó ṣáájú yín ń sọ pé àwọn jẹ̀bi kí wọ́n lè tètè lọ sílé. Ẹ má bá wọn sọ ọ́. «Mi ò jẹ̀bi» lẹ máa sọ. Abala 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ló dúró lẹ́yìn yín: ẹ ò jẹ̀bi títí wọ́n á fi fi ẹ̀rí hàn. Abala yẹn kan náà fún yín láyè láti béèrè àkókò tó tó kí ẹ fi múra, láti bi ẹlẹ́rìí wọn ní ìbéèrè, àti láti ní ògbufọ̀ láìsanwó bí ẹ ò bá gbọ́ èdè tí kóòtù ń sọ. Bí fọkanáísà kò bá lè wá lọ́jọ́ náà, ẹ sọ fún adájọ́ pé ẹ nílò ọjọ́ mìíràn.

Nígbà tí òṣìṣẹ́ náà bá jẹ́rìí tán, ìbéèrè mẹ́ta péré ni kí ẹ bi í, kí ẹ sì dákẹ́ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan kó lè dáhùn. Níbo ni mọ́tò wà nígbà tí ẹ kọ́kọ́ rí i? Ṣé ó ń rìn? Báwo ni táyà rẹ̀ ṣe wà? Bí ó bá ní ó ń rìn, fọkanáísà lẹ máa pè. Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ gbé fóònù tí àlẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀ dání pẹ̀lú, torí òfin ẹ̀rí ti 2011 ní ìlànà lórí ohun tó bá ti inú ẹ̀rọ jáde. Bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, ibí yìí ni mo máa ní kí ẹ wá lọ́yà. Títí dé orí lẹ́tà, ẹ lè dá a ṣe.

Bí ó bá jẹ́ OYRTMA, àjọ tó ń darí ìrìnnà ojú ọ̀nà fún ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ló kọ ìwé náà, ọ́fíìsì tiwọn ni lẹ́tà ń lọ. Ẹ wo àkọlé ìwé kí ẹ tó gbéra.

Bí wọ́n bá sì pè yín pé kí ẹ wá gba láísẹ́ǹsì yín, ẹ má kàn gbà á kí ẹ máa lọ. Ẹ béèrè ìwé tó sọ pé wọ́n ti fagi lé ẹ̀sùn náà. Bí wọn ò bá yọ ọ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà, ó lè jẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá lọ tún láísẹ́ǹsì gbà lẹ máa bá a níbẹ̀, òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n sì lè ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà.